Ìwé tí wọ́n ní kí aláìsàn tẹ̀ka sí kí wọ́n tó fi iná tọ́jú ọpọlọ rẹ̀: kí ló yẹ kó wà nínú rẹ̀?

Ní Manigri, bí àìsàn ọpọlọ bá dé bá ẹnì kan nínú ẹbí, ẹbí náà kì í jókòó lásán. Wọ́n á wá oníṣègùn, wọ́n á lọ sọ́dọ̀ ààfáà tàbí pásítọ̀. Bí kò bá yanjú, wọ́n á wá owó mọ́tò, wọ́n á gba ilé ìwòsàn ìlú ńlá lọ. Àwọn kan á dé Parakou. Àwọn tó ní ẹbí ní Nàìjíríà lè kọjá ẹnubodè, kí wọ́n gbé aláìsàn wọn dé Abẹ́òkúta. Ibi yòówù kí wọ́n dé, ọjọ́ kan lè wà tí dókítà á sọ pé oògùn oníhóró kò ràn án mọ́, iná ni òun fẹ́ fi tọ́jú rẹ̀. Á sì mú ìwé kan jáde pé kí aláìsàn fọwọ́ sí i.

Èdè Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń fi kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kàwé jù nínú àwọn tó tẹ̀ lé aláìsàn wá ni wọ́n á ní kó túmọ̀ rẹ̀. Òun náà á wo ìwé títí, á yíjú sí aláìsàn, á sì sọ ohun tó yé e: "Wọ́n ní àwọn fẹ́ jẹ́ kí iná gbé ọ lórí. Ṣé kí wọ́n ṣe é?"

Ẹ tún gbólóhùn yẹn wò. Lẹ́nu àwa Yorùbá, bí iná bá gbé èèyàn, jàǹbá ni. Ọmọ tó fọwọ́ kan wáyà tó já sílẹ̀ ni iná ń gbé, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fi ọwọ́ tútù mú ibi tí iná wà. Nítorí náà, ẹni tí orí rẹ̀ pé á sọ pé rárá, ẹni tó bá sì ń wá ikú kiri á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìdáhùn méjèèjì ò wúlò, nítorí pé ohun tí wọ́n bi aláìsàn kọ́ ni ohun tí dókítà fẹ́ ṣe.

Ká kọ́kọ́ sọ ohun tí ìtọ́jú náà jẹ́. Róòmù, ní ilẹ̀ Ítálì, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún èèyàn, ní oṣù kẹrin ọdún 1938. Dókítà Ugo Cerletti àti Lucio Bini ló ṣe é. Wọ́n ti mọ̀ nígbà náà pé bí wọ́n bá fi oògùn mú kí gìrì mú ẹlòmíì tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú, ara rẹ̀ máa ń bọ̀ sípò. Àwọn méjèèjì wá fi iná fa gìrì náà dípò oògùn. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún jẹ́ ọkùnrin kan tí àwọn ọlọ́pàá rí tó ń rìn kiri ní ibùdókọ̀ ojú irin, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já mọ́ra. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n tan iná náà, gìrì ò mú un, bí wọ́n sì ṣe ń múra láti tún un ṣe, ọkùnrin náà lahùn, ó ní kí wọ́n má ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, pé ikú ni. Cerletti fúnra rẹ̀ ló ròyìn ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn náà. Wọ́n tún un ṣe. Ara ọkùnrin náà le díẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú mélòó kan, ṣùgbọ́n "rárá" tó sọ lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò lára ìtọ́jú yìí títí dòní.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní yàtọ̀. Aláìsàn kò ní jẹun fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, kí oúnjẹ má bàa gba ọ̀nà èémí nígbà tó bá sùn. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ sí iṣan ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á fún un ní oògùn oorun, á sùn lọ. Oògùn kejì á tẹ̀ lé e, èyí tó ń dẹ gbogbo ẹran ara, kí gìrì má bàa gbo ara jìgìjìgì débi tí egungun á fi ṣẹ́. Wọ́n á fún un ní afẹ́fẹ́ mímí, wọ́n á sì fi rọ́bà sí i lẹ́nu kó má bàa gé ahọ́n jẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé irin méjì lé orí rẹ̀, iná á wọlé fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Gìrì náà sábà máa ń parí kó tó pé ìṣẹ́jú kan, ó sì lè jẹ́ pé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ nìkan lẹ máa rí tó ń mì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, onítọ̀hún á là lójú. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, lápapọ̀ nǹkan bí ìgbà mẹ́fà sí méjìlá.

Ẹ kíyè sí i pé gìrì inú ọpọlọ ni ìtọ́jú náà. Iná kàn jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń pè é wá ni. Àwọn tó ń jàǹfààní rẹ̀ jù ni àwọn tí ìbànújẹ́ ọkàn ti wọ̀ lára débi pé wọn ò jẹ, wọn ò mu, tàbí tí wọ́n ń wá bí wọ́n á ṣe pa ara wọn, àti àwọn tó gan sójú kan, tí wọn ò sọ̀rọ̀, tí wọn ò mira. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ lè kú kí oògùn oníhóró tó ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni oògùn oníhóró máa ń gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìwé ti wọlé rèé. Ẹjọ́ kan wà tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lábẹ́ ètò àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbogbo mọ̀, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú yìí gan-an ló sì dá a sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1954, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Bolam wà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Friern, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbà á nímọ̀ràn pé kó gba ìtọ́jú iná, ó sì fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún un pé egungun lè ṣẹ́, wọn ò fún un ní oògùn tó ń dẹ ara, wọn ò sì dì í mú dáadáa, àfi àgbọ̀n rẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ gbé, pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó má bàa já bọ́. Nígbà tí gìrì mú un, orí egungun itan rẹ̀ méjèèjì gún egungun ìgbáròkó wọlé, ó sì fọ́ ọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Ó pe ilé ìwòsàn lẹ́jọ́. Ní 1957, ó pàdánù. Ilé ẹjọ́ ní bí àwọn dókítà tó mọṣẹ́ bá wà tí wọ́n ń ṣe nǹkan bẹ́ẹ̀, dókítà tó ṣe é kò jẹ̀bi, kódà bí àwọn dókítà mìíràn bá ń ṣe é lọ́nà tó yàtọ̀. Wọ́n ní ewu kí egungun ṣẹ́ kò ju bí ẹnì kan nínú 10,000 lọ, àwọn dókítà kan sì gbà pé kò yẹ kéèyàn fi irú ewu kékeré bẹ́ẹ̀ dẹ́rù ba aláìsàn tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì tẹ́lẹ̀. Adájọ́ tún sọ fún àwọn ìgbìmọ̀ tó ń dájọ́ pé kí wọ́n rò ó wò: ká ní wọ́n sọ fún Bolam, ṣé ì bá kọ̀?

Ẹni tí ìgbáròkó rẹ̀ fọ́ á ní ìdáhùn tirẹ̀ sí ìbéèrè yẹn. Èmi náà ní tèmi: ìdí tá a fi ń bi èèyàn ni pé a ò mọ ohun tó máa sọ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí dókítà rò pé ó tó láti sọ ni wọ́n ń sọ. Ọdún 2015 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Bìrìtéènì yí i padà, nínú ẹjọ́ ìyá kan, Nadine Montgomery. Kì í ṣe ẹjọ́ ìtọ́jú iná, ọ̀rọ̀ ìbímọ ni. Obìnrin náà kò ga, ó ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà, oyún rẹ̀ sì tóbi. Dókítà mọ̀ pé èjìká ọmọ lè há, kò sọ fún un, èjìká há lóòótọ́, ọpọlọ ọmọ sì bàjẹ́. Ilé ẹjọ́ ní ìwọ̀n tí wọ́n máa fi wọn ọ̀rọ̀ náà láti ìsinsìnyí ni èyí: ṣé ewu tí ẹni tó wà nípò aláìsàn yìí máa kà sí ni? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún un. Òfin Bìrìtéènì ni, kì í ṣe ti Benin, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ṣeé gbé dé Manigri. Kí ni ẹni tó wà níwájú yín yìí máa kà sí?

Ká mú àpẹẹrẹ kan, ká fi ṣiṣẹ́. Ká sọ pé ìyá kan wà, oníṣòwò, tó ń ra kajú àti iṣu lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ lóko, tó sì ń tà á fún àwọn oníbàárà tó ń wá láti òkèèrè. Kò kàwé. Gbogbo gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ ẹ́, orí rẹ̀ ló kó o sí: ẹni tó gba owó sílẹ̀ kí kajú tó so, iye tó kù, àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò jẹun dáadáa. Kì í sùn lóru. Ó ní Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan tó dá nígbà tó wà lọ́mọge. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà sì fẹ́ fi iná tọ́jú rẹ̀.

Ewu tí ìwé sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni ikú. Ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀: níbi tí wọ́n ti ń fi oògùn oorun ṣe é pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n, nínú ìgbà 100,000 tí wọ́n bá ṣe é, nǹkan bí ìgbà méjì ni ẹnì kan ń kú. Ewu oògùn oorun fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìyẹn. Orí fífọ́, ara ríro àti àgbọ̀n dídùn wọ́pọ̀, wọ́n sì ń lọ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Kò dájú pé ìyá wa yìí á tìtorí ìwọ̀nyí kọ̀.

Ohun tí ìyá wa yìí máa kà sí ni ìgbàgbé. Ìtọ́jú yìí máa ń nu àwọn nǹkan kan kúrò lórí, pàápàá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àti oṣù tó sún mọ́ ọn. Púpọ̀ ń padà wá, díẹ̀ lè má padà. Iye àwọn tí tiwọn kì í padà gan-an, àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀. Bí àwọn dókítà bá fi ìdánwò wọn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ọ̀pọ̀ jù lọ ń bọ̀ sípò. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí kan ní Lọ́ńdọ̀nù kó ohun tí àwọn aláìsàn fúnra wọn sọ jọ, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2003, ohun tí wọ́n rí ni pé láti 29 dé 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń sọ pé ohun kan ti sọnù lórí àwọn tí kò padà. Diana Rose, tó ṣáájú iṣẹ́ náà, ti gba ìtọ́jú iná rí fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, bí ìwé bá kàn sọ pé "ìtọ́jú yìí lè fa ìgbàgbé díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀," kò purọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Ẹ wo bí èmi ṣe rò pé ó yẹ kó rí ní èdè wa:

"Ó ṣeé ṣe kí ẹ gbàgbé àwọn nǹkan tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó wá síbí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á padà wá láàárín oṣù díẹ̀. Òmíràn lè má padà wá mọ́, ó sì lè jẹ́ ohun tó ṣe pàtàkì sí yín. A ò lè sọ tẹ́lẹ̀ èyí tó máa sọnù."

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹni tó ń kà á fún un bi í léèrè: "Màmá, kí ló wà lórí yín tí ẹ ò fẹ́ kó sọnù?" Bí ìyá bá dárúkọ gbèsè kajú, nígbà náà la tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Ọ̀nà àbáyọ kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú: kí wọ́n pe ọmọ rẹ̀ tàbí ẹnì kan tó fọkàn tán, kí wọ́n kọ orúkọ àti iye owó sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìtọ́jú. Ó tún lè béèrè pé ṣé ọ̀nà kan ò sí tí ìgbàgbé náà á fi dín kù. Ọ̀nà wà. Bí wọ́n bá gbé irin méjèèjì sí apá ọ̀tún orí dípò kí wọ́n fi ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, ìgbàgbé máa ń dín kù. Àmọ́ bí ara rẹ̀ bá ti burú débi pé wọ́n ń sáré kí ìtọ́jú tètè mú un, àwọn dókítà lè fẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Gbólóhùn kejì tó le ni èyí tó sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Mo ti sọ ìdí tí "iná gbé" kò fi dára. Ṣùgbọ́n "wárápá" náà léwu, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì gbà pé ìfófòó ẹnu oníwárápá máa ń ran èèyàn, pé ẹni tó ní in á máa ní in lọ títí. Bí aláìsàn bá gbọ́ pé wárápá ni wọ́n fẹ́ fi ṣe òun, á rò pé àìsàn mìíràn ni wọ́n fẹ́ fún òun mú relé. Àwọn mìíràn á sì sá fún gbogbo ẹ, wọ́n á kọ "ìtọ́jú orí oorun" lásán. Ìyẹn ló burú jù, nítorí aláìsàn á gbọ́ ọ̀rọ̀ iná lẹ́nu aláìsàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, kò sì ní gba ọ̀rọ̀ dókítà gbọ́ mọ́. Èyí tí mo rò pé ó gbé ọ̀rọ̀ náà ró ni:

"A máa fún yín ní abẹ́rẹ́ tí ẹ máa fi sùn. Lójú oorun, iná mànàmáná díẹ̀ á gba orí yín kọjá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Á mú kí gìrì mú ọpọlọ yín fún àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú kan. Gìrì yẹn ni ìtọ́jú náà. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé ẹ ti sùn."

Bí ilé ìwòsàn kò bá ní oògùn oorun tàbí oògùn tó ń dẹ ara, wọn ò lè ka gbólóhùn yẹn. Mo fi èyí sọ ọ́ ní gbangba nítorí pé ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ilé ìwòsàn kan ní Nàìjíríà àti níbòmíràn ní Áfíríkà fi ṣe é ní ojúfò, tí ìdí rẹ̀ sì jẹ́ pé kò sí ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó mọṣẹ́ oògùn oorun. Nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2005 lórí òfin ìlera ọpọlọ, wọ́n ní kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ mọ́, pé pẹ̀lú oògùn oorun àti oògùn tó ń dẹ ara nìkan ni kí wọ́n máa ṣe é, àti pé kí aláìsàn kọ́kọ́ gbà. Íńdíà kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ ní 2017. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹbí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà ni: "Ṣé ẹ máa fún un ní oògùn tó ń sùn àti èyí tó ń dẹ ara?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ìtọ́jú tó ba egungun Bolam jẹ́ ni wọ́n ń gbé síwájú yín.

Ká padà sọ́dọ̀ ìyá wa. Wọ́n ti ka gbogbo rẹ̀ fún un lédè tó gbọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní: "Ẹ ṣe é. Ohun tó tọ́ sí mi nìyẹn. Bí mo bá kú níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ mi tán." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin mí kanlẹ̀, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ti gbà. Ó ń wá yíǹkì tí wọ́n máa fi tẹ̀ka.

Kò tíì gbà. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ló gbà, kì í ṣe ìtọ́jú. Àìsàn náà ló ń dáhùn lẹ́nu rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2005 lórí agbára ìpinnu la nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá èèyàn lè pinnu fúnra rẹ̀: ṣé ọ̀rọ̀ náà yé e, ṣé ó lè rántí rẹ̀ tó láti rò ó, ṣé ó lè fi ire àti ewu rẹ̀ wọn ara wọn, ṣé ó sì lè sọ ìpinnu rẹ̀ jáde lọ́nàkọnà. Èyí tó ń já mọ́ irú aláìsàn yìí lọ́wọ́ ni ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ yé e, ó rántí, ó sì sọ ọ́ jáde. Wíwọ̀n ni kò lè wọ̀n ọ́n, nítorí pé ikú ti di ire lójú rẹ̀. Dókítà tí kò béèrè ju "ṣé ẹ gbà?" lọ kò ní rí i. Èyí tó máa rí i ni ẹni tó bá sọ pé: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe yé yín. Kí lẹ rò pé ó máa ṣe fún yín?"

Ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹni tí wọn ò ní bi léèrè mọ́. Irú ìbànújẹ́ ọkàn tó wọ̀ lára yìí sábà máa ń burú ní kùtùkùtù, kó sì fúyẹ́ díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá bi í ní aago méje àárọ̀, kí wọ́n tún bi í ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹlòmíràn tó gbédè rẹ̀ dáadáa, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mi ò bu ẹ̀gbọ́n kù. Ṣùgbọ́n ó ti sanwó mọ́tò, ó ti fi oko sílẹ̀, ó fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ yè. Láìmọ̀, á fo gbólóhùn ìgbàgbé. Ìyá náà, ẹ̀wẹ̀, kò ní fẹ́ já ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kulẹ̀ lójú àlejò.

Èyí kì í ṣe àròsọ lásán. Ní 2005, àwọn olùṣèwádìí Lọ́ńdọ̀nù yẹn tún tẹ èyí tí wọ́n rí jáde: nǹkan bí ìdajì nínú àwọn tó gba ìtọ́jú iná ló ní àlàyé tí wọ́n ṣe fún òun tó. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta wọn ló ní òun ò fi tinútinú gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Ìwé wà nínú fáìlì, ọwọ́ wà lórí ìwé, ọkàn ò sí níbẹ̀.

Bí ìyá náà kò bá tún lè wọ̀n ọ́n ní ìrọ̀lẹ́, tí kò sì mu omi mọ́, ọ̀rọ̀ di pé kí ẹ̀mí rẹ̀ má bọ́. Níbi tí òfin ti là á sílẹ̀, dókítà mìíràn tí kì í ṣe èyí tó ń tọ́jú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó ṣe é láìjẹ́ pé ó gbà. Àwọn ẹbí á wà níbẹ̀, wọ́n á sọ ohun tí ìyá náà máa ń fẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ dá. Iṣẹ́ ẹbí níbi báyìí ni láti jẹ́rìí sí irú ẹni tó jẹ́: ṣé ó sọ ọ́ rí pé òun ò fẹ́ kí wọ́n fi iná tọ́jú òun? Ṣé ó gbé ẹlòmíràn lọ síbẹ̀ rí? Ní Àrò, ní Abẹ́òkúta, nígbà tí Dókítà Adeoye Lambo dá ètò abúlé sílẹ̀ ní ọdún 1954, ohun tó béèrè ni pé kí aláìsàn mú ará ilé rẹ̀ kan dání tó máa bá a gbé láàárín àwọn ará abúlé. Ó mọ iyì ẹbí nínú ìwòsàn. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kéèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, ọ̀tọ̀ ni kó tẹ̀ka dípò ẹni tó lè dá pinnu.

Bí aláìsàn bá sì lè dá pinnu, tó sọ pé rárá ńkọ́? Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin ìlera ọpọlọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2007, ẹni tó bá lè pinnu tó sì kọ ìtọ́jú iná, wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe é fún un, àní bó bá jẹ́ pé òfin ló fi dè é mọ́ ilé ìwòsàn. Ìgbà tó bá di kíákíá kí ẹ̀mí má bọ́, tàbí kí àìsàn náà má bàa burú sí i gan-an, nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Nàìjíríà pẹ̀lú ti pa òfin àtijọ́ tì, èyí tí àwọn amúnisìn ṣe lórí àwọn tí wọ́n ń pè ní wèrè. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n ṣe é fún ìyá wa lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó bèèrè ẹ̀kọ. Lẹ́yìn ẹ̀kẹrin, ó béèrè pé ta ló ń bójú tó ìsọ̀ òun. Ibí yìí ni mo ti rí i pé àwọn ilé ìwòsàn máa ń ṣìṣe jù, nítorí inú gbogbo èèyàn á ti dùn, wọ́n á máa bá ìtọ́jú lọ lórí ìwé àtijọ́. Ṣùgbọ́n agbára ìpinnu rẹ̀ ti padà dé. Kí wọ́n dá ọwọ́ dúró, kí wọ́n tún ka ìwé náà fún un látìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé wọn ò kà á rí, nítorí ó ṣeé ṣe kó ti gbàgbé pé wọ́n kà á. Bó bá ní ó tó báyìí, ó tó náà nìyẹn. Dókítà lè sọ fún un pé bó bá dáwọ́ dúró láìlo oògùn kankan, àìsàn náà sábà máa ń padà láàárín oṣù mẹ́fà. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un, òótọ́ ni. Kò sì gbọ́dọ̀ fi ohùn ìhàlẹ̀ sọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìwé náà, lókè ibi tí wọ́n ń tẹ̀ka sí, fi yẹ kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi lẹ́tà tó tóbi jù kọ, tí wọ́n á sì kà sókè ní àràárọ̀ ọjọ́ ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́: "Ẹ lè sọ pé ẹ ò fẹ́ mọ́ nígbàkígbà, kódà bí ẹ bá ti tẹ̀ka. A ò ní bínú sí yín, a ò ní lé yín lọ, a ó ṣì máa tọ́jú yín lọ́nà mìíràn. Ṣé ẹ ṣì fẹ́ ká ṣe é lónìí?"